Òòyì tí kò dáwọ́ dúró láti àná: ṣé etí ni àbí ìdí ọpọlọ?

Alábòójútó Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Obìnrin ẹni ọdún 58 kan wà lọ́dọ̀ wa ní kílíníìkì. Láti nǹkan bí agogo 6 àárọ̀ àná ni òòyì ti ń kọ́ ọ, kò sì tíì dá. Ó ń bì. Bíípíì rẹ̀ jẹ́ 170/100. Bó bá wo iwájú, ẹyin ojú rẹ̀ ń ta sí òsì. Wọ́n ti fi síìtì ya orí rẹ̀ níbòmíràn, wọ́n ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Dókítà tó rí i ní etí ni, kó gba oògùn òòyì kó máa lọ sílé. Èmi náà wá ṣe àyẹ̀wò gbígbọn orí yẹn, ojú rẹ̀ ò kúrò lórí imú mi lápá méjèèjì, ìyẹn ni pé ó dára. Ṣé kí n jẹ́ kó máa lọ?

---

Ọmọ Ìpẹ́rù:
Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Síìtì ò rí nǹkan, gbígbọn orí dára, ojú sì ń ta sí ẹ̀gbẹ́. Ojú tó bá ń ta sókè tàbí sísàlẹ̀ ni ti ọpọlọ, èyí tó bá ń ta sí ẹ̀gbẹ́, ti etí ni. Bó ṣe ń bì yẹn náà, etí ló máa ń múni bì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe Épílì fún un kó tó lọ, yíyí orí tó ń lé òòyì etí yẹn, ara rẹ̀ á balẹ̀.

---

Kẹ́míìsì Odògbolú:
Ẹ ò wo bíípíì ni? 170! Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń yí i lójú. Ẹ kọ́kọ́ já ẹ̀jẹ̀ yẹn wálẹ̀, kí ẹ fún un ní oògùn òòyì Sítúgírọ́nù, ẹ ó rí i pé òòyì á lọ. Ojoojúmọ́ là ń tà á.

---

Etílójú:
Alábòójútó, ẹ má tíì jẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Gbígbọn orí tí ẹ ní ó dára yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ rọ omi sórí gàrí nínú abọ́, kí ìyàngbò rẹ̀ léfòó, kí ẹ wá ṣàdédé yí abọ́ náà díẹ̀. Abọ́ á yí, ìyàngbò ojú omi á ṣì dúró síbi tó wà, nítorí omi máa ń lọ́ra kó tó tẹ̀ lé abọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kánáàlì inú etí ṣe ń ṣiṣẹ́. Mẹ́ta ló wà nínú etí kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí bí òrùka tí omi kún inú wọn. Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀, àwọn méjì yòókù nàró, wọ́n sì kọjú síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orí yí, òrùka bá orí yí, omi lọ́ra, omi sì ti awọ rírọ̀ kan tó dí ojú ọ̀nà rẹ̀. Àwọn irun tín-ín-tín tó wà nídìí awọ yẹn ló ń ránṣẹ́ sí ìdí ọpọlọ pé orí ti yí, ìdí ọpọlọ ló sì ń sọ fún ẹyin ojú pé kó yí padà sí òdìkejì ní ìwọ̀n kan náà. Òun ni kì í jẹ́ kí ojú wa dàrú bí a bá ń rìn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé etí méjèèjì kì í dákẹ́. Bí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ṣì ń ránṣẹ́, tọ̀túntòsì lọ́gbọọgba. Bí orí bá yí sí ọ̀tún, ti ọ̀tún á pọ̀ sí i, ti òsì á dín kù. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni ọpọlọ ń kà. Ẹ fi wé àwọn méjì tó ń fa okùn: bí ọ̀kan bá jáwọ́, okùn á lọ sọ́dọ̀ ìkejì, bẹ́ẹ̀ ìkejì ò fi kún agbára rẹ̀.

Ó yá, ká mú un wá sọ́dọ̀ obìnrin yìí. Ká ní etí ọ̀tún rẹ̀ ló kú lójijì. Ti òsì nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ọpọlọ á rò pé orí ń yí sí òsì. Yóò wá máa fa ẹyin ojú lọ sí ọ̀tún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bó bá ti fà á dé ibì kan, yóò ta á padà sí òsì kíá. Fífà, títa, fífà, títa. Nisitágímọ́sì nìyẹn, ibi tí ojú ń ta sí la sì fi ń pè é. Nítorí náà, bí ojú bá ń ta sí òsì, tó sì jẹ́ etí ló fà á, etí ọ̀tún ni ká fura sí.

Bó bá wá jẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹ gbọn orí rẹ̀ sí ọ̀tún, kò yẹ kí ojú rẹ̀ lè dúró lórí imú yín. Ojú gbọ́dọ̀ bá orí lọ, kó wá fò padà sí imú yín lẹ́yìn náà. Ẹ ní kò fò. Ìyẹn ni pé etí ọ̀tún ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ta wá ni ń fa ojú? Kì í ṣe etí.

---

Ọmọ Ìpẹ́rù:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Àyẹ̀wò dára, ẹ wá ní ó burú? Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò?

---

Etílójú:
Ó rújú lóòótọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Etí ni àyẹ̀wò yẹn ń dán wò, kì í ṣe aláìsàn. Nígbà tí òòyì bá ń kọ́ èèyàn lọ́wọ́lọ́wọ́, tí ojú rẹ̀ sì ń ta, nǹkan kan ti bàjẹ́ dájúdájú. Bí ẹ bá dán etí wò tí ẹ bá a lódidi, ibòmíràn ló ti bàjẹ́. Ibòmíràn yẹn ni ìdí ọpọlọ tàbí ọpọlọ ìpàkọ́, ó sì lè jẹ́ rọpárọsẹ̀.

Ní ti títa sí ẹ̀gbẹ́, ìdajì lẹ mú. Ojú tó ń ta gbọnrangandan sókè tàbí sísàlẹ̀, ọpọlọ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ta sí ẹ̀gbẹ́ lè jẹ́ ti etí, ó sì lè jẹ́ ti ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ rọpárọsẹ̀ ọpọlọ ìpàkọ́ ló ń mú ojú ta sí ẹ̀gbẹ́.

Síìtì ńkọ́? Egungun tó nípọn ló yí ibi ìpàkọ́ yẹn ká, ó máa ń da àwòrán síìtì rú. Síìtì lè sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ ò tú síbẹ̀, ó dára ká mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé òpó ẹ̀jẹ̀ ló dí, síìtì ọjọ́ kìíní kì í sábà rí i.

---

Fisió Ṣàgámù:
Mo fara mọ́ ohun tí Etílójú sọ, ṣùgbọ́n kí á tó dẹ́rù ba aláìsàn, mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe gbọn orí náà. Àyẹ̀wò yìí rọrùn lẹ́nu ju bó ṣe rọrùn lọ́wọ́. Bí ẹ bá yí orí jẹ́jẹ́, ojú lè bá a lọ dáadáa kódà bí etí ti kú, nítorí pé ojú ní ọ̀nà mìíràn tó fi ń tọpa ohun tó bá ń lọ jẹ́jẹ́. Ẹ ó wá rò pé ó dára.

Bó ṣe yẹ ká ṣe é: kí aláìsàn jókòó, kó la ojú, kó tẹjú mọ́ imú yín. Ẹ di orí rẹ̀ mú níhà méjèèjì, kí ọrùn rẹ̀ rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yí i díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ìwọ̀n dígírì 15 sí 20, kí ẹ wá já a wá sí àárín lójijì. Ìyára ló ṣe pàtàkì, ẹ má yí i jìnnà. Ẹ má sì jẹ́ kó mọ apá tí ẹ fẹ́ já a sí. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ láìtò tẹ̀ léra. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹyin ojú ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo orí. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ farapa tàbí tí egungun ọrùn rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an, ẹ má ṣe é fún un.

Bí wọ́n bá ní kí n gba ẹnì kan gbọ́ lórí gbígbọn orí, á wù mí kí n kọ́kọ́ rí fídíò rẹ̀.

---

Alábòójútó Ìjẹ̀bú-Igbó:
Mo ti tún un ṣe báyìí bí Fisió ṣe wí. Ti tẹ́lẹ̀ lọ́ra lóòótọ́. Tòní yá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lápá kọ̀ọ̀kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì fi fóònù ká fídíò rẹ̀. Ojú dúró gbọn-in lórí imú mi, ní ọ̀tún àti ní òsì.

---

Ìyá Gàrí Òkè-Àje:
Ẹ ṣeun tí ẹ ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ohun tó ń ṣe èmi náà nìyẹn. Bí mo bá ti yí sí ọ̀tún lórí bẹ́ẹ̀dì, ilé á máa yí, bí ìgbà tí wọ́n ń gbé mi jù. Mo ń di bẹ́ẹ̀dì mú. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi ń dúró. Bí mo bá tún nawọ́ sókè kí n gbé nǹkan lórí pẹpẹ, ó tún dé. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé rọpárọsẹ̀ ni tèmi náà? Ẹ jọ̀ọ́, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́.

---

Fisió Ṣàgámù:
Ìyá wa, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ pátápátá sí ti obìnrin tí wọ́n ń sọ. Tirẹ̀ ò dá láti àná. Tiyín ń wá bí orí bá yí, ó sì ń lọ kó tó pé ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, kò sí nǹkan, àbí? Èyí kò jọ rọpárọsẹ̀. Ó jọ òkúta inú etí.

Nínú etí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òrùka yẹn, àpò kan wà tí àwọn yanrìn wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Irú ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú ẹfun ni wọ́n. Wọ́n lè re nítorí ọjọ́ orí, tàbí bí nǹkan bá gbá èèyàn lórí. Bí wọ́n bá re, kánáàlì ẹ̀yìn ni wọ́n sábà ń jábọ́ sí, nítorí òun ló wà nísàlẹ̀ jù. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀, yanrìn yẹn á yí lọ, á sì fa omi lọ́wọ́, etí á wá sọ fún ọpọlọ pé orí ń yí nígbà tí kò yí mọ́. Bí yanrìn bá ti balẹ̀, òòyì dá.

Kí ẹnì kan dán an wò fún yín, ẹ má dá a ṣe lákọ̀ọ́kọ́. Dísì àti Hólípáìkì ló kọ nípa àyẹ̀wò náà ní 1952. Ẹ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ yí orí sí ọ̀tún ní ìwọ̀n 45, kí wọ́n wá yára tẹ́ yín sẹ́yìn, kí orí rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kọjá etí bẹ́ẹ̀dì. Bí kò bá sí àyè, kí wọ́n ki ìrọ̀rí sábẹ́ èjìká yín. Ẹ má pajú dé o. Ojú ò ní ta lójú ẹsẹ̀; ó lè lò tó ìṣẹ́jú àáyá 5 tàbí 10 kó tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á ka méjì, wọ́n á gbé aláìsàn dìde, wọ́n á ní kò sí nǹkan. Bó bá bẹ̀rẹ̀, orí ẹyin ojú á máa yí sí ìhà etí tó wà nísàlẹ̀, ojú á sì máa ta sókè. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan, á dá.

Bó bá jẹ́ ọ̀tún, Épílì ọ̀tún nìyí. Láti ibi tí ẹ dùbúlẹ̀ sí yẹn, ẹ dúró títí òòyì á fi dá, kí ẹ tún fi ìṣẹ́jú àáyá 30 kún un. Kí wọ́n yí orí yín sí òsì ní ìwọ̀n 90, láìgbé e sókè. Ẹ tún dúró. Kí ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kí orí tún yí pẹ̀lú ara ní ìwọ̀n 90 mìíràn, títí imú yín á fi kọjú sí ilẹ̀. Ẹ tún dúró. Kí ẹ wá dìde jókòó láti ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn jẹ́jẹ́, kí ẹnì kan di yín mú, nítorí ó lè tún yí lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí gbogbo rẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń da yanrìn yẹn yí òrùka ká títí yóò fi padà sínú àpò rẹ̀, bí ẹni ń da àgbàdo kúrò nínú ìgò ọlọ́rùn wíwọ́.

Bó bá jẹ́ pé nígbà tí wọ́n tẹ́ yín sílẹ̀, ojú ta sísàlẹ̀ gbọnrangandan, lójú ẹsẹ̀, tí kò sì dá, kí wọ́n pa Épílì tì kí ẹ lọ rí dókítà.

---

Ọmọ Ìpẹ́rù:
Ẹ wò ó, Épílì náà ni mo sọ lókè.

---

Etílójú:
Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí kò yẹ. Obìnrin Ìjẹ̀bú-Igbó ò ní yanrìn kankan ní kánáàlì tí ẹ máa dà. Òòyì tó bá ń bá a lọ fún ohun tó lé ní wákàtí 30 tó sì wà níbẹ̀ kódà bí orí ò mì, Épílì ò kan án. Ẹ ó kàn mú un bì sí i ni.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà, ó sì wọ́pọ̀: kí wọ́n lọ gbọn orí Ìyá Gàrí, kí wọ́n bá a pé ó dára, kí wọ́n wá pariwo rọpárọsẹ̀. Ẹni tó ní òkúta inú etí, gbígbọn orí rẹ̀ á dára, nítorí etí rẹ̀ ò kú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bó bá jẹ́ rọpárọsẹ̀ là ń wá, ẹni tí òòyì ń kọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ tí ojú rẹ̀ ń ta nìkan ni ká máa ṣe é fún. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bó ṣe ń pẹ́ tó, kí ẹ tó fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni.

Alábòójútó, ohun mẹ́rin ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ wò. Kó tẹ̀ lé ìka yín pẹ̀lú ojú, sí òsì àti sí ọ̀tún, kí ẹ sọ apá tí ojú ń ta sí níbi kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ fi ọwọ́ bo ojú kan, kí ẹ sún ọwọ́ náà kíá sí ojú kejì, lọ-bọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ojú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ń sún sókè tàbí sísàlẹ̀ kó tó dúró. Ẹ fi ìka méjì ra lẹ́bàá etí kọ̀ọ̀kan, ṣé ó ń gbọ́ ọ bákan náà? Kó sì jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì láìdi nǹkan mú.

---

Kẹ́míìsì Odògbolú:
Gbígbọ́ ńkọ́? Mo rò pé bí etí bá di, ó fi hàn pé etí ni.

---

Etílójú:
Pańpẹ́ wà níbẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ etí inú, láti ara òpó tó ń bọ́ ìdí ọpọlọ ló ti yà. Bí òpó ńlá yẹn bá dí, etí á kú, ìdí ọpọlọ á sì bá a kú. Gbígbọn orí á bàjẹ́ bí ti etí, ojú á ta bí ti etí, gbogbo rẹ̀ á jọ etí. Ohun tó lè tú u fó ni pé etí ọ̀hún di lójijì lọ́jọ́ kan náà. Nítorí náà, etí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di pẹ̀lú òòyì tí kò dá, pàápàá lára ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, ẹ má fi í sílẹ̀.

---

Kẹ́míìsì Odògbolú:
Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan mìíràn tó jọ ọ́. Bàbá kan máa ń wá sọ́dọ̀ wa, wọ́n gún un ní jẹntamáísìnì fún ọjọ́ púpọ̀ nílé ìwòsàn kan. Láti ìgbà náà, kò sọ pé nǹkan ń yí. Ó ní bí òun bá ń rìn, títì ń fò sókè sódò, kò lè ka orúkọ ṣọ́ọ̀bù àfi tó bá dúró. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ó ń ta gẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni mu ẹmu. Mo ti ń fún un ní Sítúgírọ́nù láti oṣù mẹ́rin.

---

Etílójú:
Ẹ dá Sítúgírọ́nù yẹn dúró, kí ẹ ní kó lọ rí oníṣègùn etí. Jẹntamáísìnì lè pa irun inú etí, ó sì sábà ń pa ti apá méjèèjì pọ̀. Ẹ rántí okùn: bí àwọn méjèèjì bá jáwọ́ pa pọ̀, okùn ò lọ síbì kan. Ìdí nìyí tí kò fi sí òòyì, tí ojú rẹ̀ ò sì ta. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ fún ojú pé orí ń mì mọ́, ni títì fi ń fò. Ẹ gbọn orí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé ojú ń fò padà lápá méjèèjì.

Sítúgírọ́nù ń pa etí lẹ́nu mọ́. Etí tirẹ̀ ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ni yóò tún pa lẹ́nu mọ́? Ní ara àgbàlagbà, bí wọ́n bá ń lò ó pẹ́, ó lè mú ọwọ́ gbọ̀n, kí ara sì le bí ti àrùn Páákínsìn. Kódà ẹni tí etí rẹ̀ kan kú lójijì, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ti tó fún un, nítorí ọpọlọ ní láti gbọ́ àṣìṣe yẹn kó tó kọ́ bí yóò ṣe tún un ṣe.

---

Alábòójútó Ìjẹ̀bú-Igbó:
Mo ti ṣe é. Bó bá wo òsì, ojú ń ta sí òsì. Bó bá wo ọ̀tún, ojú ń ta sí ọ̀tún. Bíbo ojú, mi ò rí kó sún sókè tàbí sísàlẹ̀. Ó ń gbọ́ bákan náà ní etí méjèèjì. Jíjókòó ni kò ṣeé ṣe: bí kò bá fi ọwọ́ méjèèjì ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń wó lọ sí ọ̀tún.

---

Ọmọ Ìpẹ́rù:
Ẹ dúró ná. Bí èèyàn bá fi ojú wo ẹ̀gbẹ́ dé òpin, ojú ẹni tí ara rẹ̀ dá gan-an máa ń ta díẹ̀. Báwo lẹ ṣe gbé ìka lọ jìnnà tó?

---

Etílójú:
Ìbéèrè gidi nìyẹn, mo sì dúpẹ́ pé ẹ béèrè. Ìwọ̀n 30 ló tó. Bí ìka yín bá jìnnà sí ojú rẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 60, ẹ má gbé e kọjá sẹ̀ńtímítà 35 sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kó ta ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kó dá, ẹ má kà á sí. Kó máa ta láìdá ni ká wò.

---

Alábòójútó Ìjẹ̀bú-Igbó:
Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n báyìí, 35 géérégé. Mo fi ìka dúró síbẹ̀, mo ka 20. Kò dá.

---

Etílójú:
Ó tán. Ojú tí etí ń fà kì í yí apá padà. Bó bá jẹ́ etí ọ̀tún ló kú, bó bá wo òsì, títa á le sí i. Bó bá wo ọ̀tún, á dín kù tàbí kó dá, ṣùgbọ́n kò ní ta sí ọ̀tún láéláé. Nǹkan tó ń di ojú mú níbi tó bá wò, nínú ìdí ọpọlọ àti ọpọlọ ìpàkọ́ ló wà. Òun ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Pé ojú ò sún sókè sísàlẹ̀ nígbà tí ẹ bò ó kò mú nǹkan kúrò. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, gbígbọn orí, apá tí ojú ń ta sí àti bíbo ojú, ọ̀kan péré tó bá tọ́ka sí ọpọlọ ti tó. Tirẹ̀, méjì ló tọ́ka síbẹ̀, ó tún ń wó lórí ìjókòó. Ẹni tí etí ń dààmú lè má lè rìn tààrà, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń lè jókòó.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Ṣàgámù lálẹ́ òní. Kó tó mu omi, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ bóyá ó há, kí ẹ fún un ní omi ṣíbí kan kí ẹ wò ó bóyá á wọ ọ́ lọ́nà òdì. Bíípíì 170 yẹn, ẹ má já a wálẹ̀ lójijì. Bí òpó ẹ̀jẹ̀ bá dí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń bọ́ ibi tó kù.

---

Fisió Ṣàgámù:
Mo gbà kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má sọ ọ́ bíi pé ojú ò lè ṣì wá lọ́nà. Ìwádìí Kátà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2009 tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí, aláìsàn 101 ni, ẹni tó mọ ojú àti ọpọlọ dunjú ló sì yẹ̀ wọ́n wò. Bí ọwọ́ bá yàtọ̀, èsì á yàtọ̀. Á wù mí kí wọ́n fi ẹ́mááráì yà á kí á tó sọ ibi tó wà.

---

Etílójú:
Nínú ìwádìí kan náà yẹn, ẹ́mááráì àkọ́kọ́ ò rí ìdá 12 nínú 100 àwọn rọpárọsẹ̀ náà, nítorí wọ́n yà wọ́n kí ó tó pé wákàtí 48. Nítorí náà, bí wọ́n bá yà á lálẹ́ òní tí wọn ò rí nǹkan, èmi ò ní jẹ́ kó lọ sílé. Kí wọ́n tún un yà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta.

---

Fisió Ṣàgámù:
Ẹ́mááráì méjì, ta ni yóò san án? Èmi á ní kí wọ́n dá a dúró síbẹ̀, kí wọ́n máa yẹ ojú rẹ̀ wò láàárọ̀ lálẹ́, kí wọ́n ya ẹyọ kan ní ọjọ́ kẹta.

---

Etílójú:
Ìyẹn náà ṣeé ṣe, bí wọ́n bá ń ṣọ́ ọ lóòótọ́. Ọpọlọ ìpàkọ́ tó bá kú máa ń wú láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, àyè sì há níbẹ̀. Bó bá ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, tí orí ń fọ́ ọ sí i, tàbí tí èébì tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó ti dá, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ kẹta. Kí wọ́n pe oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ lójú ẹsẹ̀.

---

Alábòójútó Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ọkọ̀ ti dé. Kí ni kí n kọ sínú lẹ́tà? Bí mo bá kọ "òòyì" nìkan, mo mọ̀ pé wọ́n á ní kó jókòó sí orí bẹ́ǹṣì.

---

Etílójú:
Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Obìnrin, ọdún 58. Òòyì tí kò dá láti agogo 6 àárọ̀ àná. Ojú ń ta sí òsì bó bá wo iwájú àti òsì, ó ń ta sí ọ̀tún bó bá wo ọ̀tún. Gbígbọn orí dára lápá méjèèjì. Kò lè jókòó láìdi nǹkan mú, ó ń wó sí ọ̀tún. Ó ń gbọ́ bákan náà. Síìtì ò rí ẹ̀jẹ̀. A fura sí rọpárọsẹ̀ ọpọlọ ìpàkọ́ tàbí ìdí ọpọlọ." Ẹ kọ aago tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò sí i, kí ọmọ rẹ̀ sì gbé fóònù tó ní fídíò yẹn dání. Nínú ọkọ̀, kó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ nítorí èébì, ẹ̀gbẹ́ tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

---

Ìyá Gàrí Òkè-Àje:
Kí Olúwa bá wa wo ìyá náà sàn. Fisió, ọmọ mi ti tẹ́ mi sílẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Ọ̀tún, ó ka dé 7 kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí ta. Ṣùgbọ́n ó ní nígbà tí òun tẹ́ mi sí òsì náà, ó ta díẹ̀. Etí wo ni ká wá ṣe?

---

Fisió Ṣàgámù:
Ẹ má tíì ṣe èyíkéyìí, Ìyá wa. Ó lè jẹ́ etí méjèèjì, ó sì lè jẹ́ kánáàlì tó dùbúlẹ̀ ni yanrìn náà wà, ìyẹn sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tí kì í ṣe Épílì. Ẹ ní kí ọmọ yín tún tẹ́ yín sílẹ̀ ní òsì lọ́la, kó fi fóònù ya ojú yín nítòsí, kó sọ bóyá ó ń ta sókè tàbí ó ń ta sí ẹ̀gbẹ́.